Hyundai i10 lítà 1.0: mọ́tò àkọ́kọ́ tí mo rà fún àbúrò mi

Nínú i10 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2013, ẹ́ńjìnnì méjì ló wà: lítà 1.0 oní-sílíńdà mẹ́ta àti lítà 1.2 oní-sílíńdà mẹ́rin. Èyí tó kéré ni mo rà fún àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ mọ́tò, onígíà ọwọ́, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn gan-an.

Owó adójútòfò ló jẹ́ kí n mú un. Kí n tó sanwó mọ́tò rárá ni mo ti ní kí wọ́n ṣírò méjèèjì lórúkọ àbúrò mi, ti 1.2 sì wọ́n jù ú lọ. Agbára ẹṣin 66 ni ti kékeré, 87 ni ti ńlá, àwọn adójútòfò kì í sì í fojú kéré ìyàtọ̀ yẹn tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni mọ́tò máa wà. Ẹnìkan ní kí n fi ara mi ṣe awakọ̀ àkọ́kọ́ lórí ìwé kí owó lè wálẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀. Àbúrò mi ló ń wà á lójoojúmọ́, bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, wọ́n lè sọ pé a parọ́, kí wọ́n má san kọ́bọ̀. Orúkọ rẹ̀ ló ṣíwájú, tèmi tẹ̀lé e.

Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ó fúyẹ́ lẹ́sẹ̀, ibi tó ti ń mú sì hàn. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, bí àbúrò mi bá rọra ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ láìtẹná rárá, mọ́tò á rọra gbéra. Bó bá yára gbé e jù, mọ́tò lè ta síwájú díẹ̀, á sì kú.

Ẹ yẹ kílọ́ọ̀ṣì wò dáadáa tó bá jẹ́ àlòkù. Èyí tí a kọ́kọ́ lọ wò, ìgbà tí ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè pátápátá ló tó mú. Mo fi í sí jíà kẹrin lójú ọ̀nà tó dá, mo tẹná: ariwo ẹ́ńjìnnì ròkè, eré mọ́tò kò sì pọ̀ sí i. Kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán nìyẹn. A fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Gígùn i10 kò pé mítà mẹ́rin, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gé dúró, nítorí náà ó rọrùn láti mọ ibi tó parí sí nígbà tí èèyàn bá ń fi ẹ̀yìn wọlé. Tí èèyàn mẹ́rin bá wà nínú rẹ̀, òkè máa ń nira fún un. Mo kọ́ àbúrò mi pé kó ti bọ́ sí jíà kejì kó tó dé ẹsẹ̀ òkè, kó má dúró dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.