Ankara òwú àti kíréèpù tó ń nà: èwo ni kí ẹ rà fún gáùn tó mọ́ra?

Tí oníbàárà bá fẹ́ rán gáùn gígùn tó mọ́ ara, aṣọ méjì ló sábà máa ń wà lọ́kàn rẹ̀: Ankara òwú, tàbí kíréèpù aláwọ̀ kan tó ń nà díẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń bi aláṣọ ní Gbági tàbí ní Balógun ni iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá kan. Kò burú, àmọ́ iye ọ̀pá kan kò lè sọ iye tí gáùn náà yóò ná yín, nítorí pé ọ̀pá kan Ankara àti ọ̀pá kan kíréèpù kì í ṣe aṣọ tó pọ̀ bákan náà. Àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti ègé aṣọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù. Tiyín lè dín tàbí kó lé díẹ̀, nítorí náà ẹ wọn tiyín.

| Ohun tí a ń wò | Ankara òwú | Kíréèpù tó ń nà |
|---|---|---|
| Ìbú | ìnṣì 46 | ìnṣì 60 |
| Ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó | gíráàmù 130 | gíráàmù 240 |
| Ìnṣì 4 tí a bá fà níbùú | kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan | ìnṣì 5 |
| Áyọ́ọ̀nù | ó gba gbígbóná | kò gba gbígbóná |
| Bí wọ́n ṣe ń tà á | ọ̀pá 6 tí a ti ká | a ń gé e lára róòlù |

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbú, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù jù. Ká ní ìdí oníbàárà jẹ́ ìnṣì 42, gáùn náà yóò sì gùn tó ìnṣì 58. Tí mo bá fi ìnṣì 2 kún ibi ìdí kó lè rí àyè jókòó, tí mo sì fi ibi ìránpọ̀ kún un, iwájú gáùn náà yóò gba ìnṣì 24 níbùú, ẹ̀yìn tí sípù yóò wà yóò sì gba 26. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ 50. Ankara tó jẹ́ ìnṣì 46 kò lè gba iwájú àti ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nítorí náà a ní láti gé ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì: ìnṣì 60 fún iwájú, ìnṣì 60 fún ẹ̀yìn, tí ìṣẹ́tí ti wà nínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ ìnṣì 120, ìyẹn ọ̀pá 3 àti ìdá mẹ́ta ọ̀pá. Apá aṣọ àti ègé tí a fi ń bo ọrùn yóò jáde lára èyí tó ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́. Mo máa ń béèrè fún ọ̀pá 3½. Tí àwòrán ara Ankara náà bá tóbi, tí oníbàárà sì fẹ́ kí òdòdó ńlá náà bọ́ sí àárín àyà àti àárín ẹ̀yìn, ọ̀pá 4 ni.

Kíréèpù tó jẹ́ ìnṣì 60 gba 50 náà, ó sì ṣẹ́ kù. Iwájú àti ẹ̀yìn yóò dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ìnṣì 60 gígùn kan ṣoṣo, apá méjèèjì yóò sì gba bí ìnṣì 22 sí i. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìnṣì 82, tí kò pé ọ̀pá 2½. Wàyí o, ká ní wọ́n ń ta ọ̀pá kan Ankara ní ₦2,500, tí wọ́n sì ń ta ti kíréèpù ní ₦3,500. Ọ̀pá 3½ Ankara jẹ́ ₦8,750. Ọ̀pá 2½ kíréèpù náà jẹ́ ₦8,750. Aṣọ tí ẹ rò pé ó fi ẹgbẹ̀rún kan náírà wọ́n ju èkejì lọ kò wọ́n jù ú rárá nínú gáùn yìí. Ìyàtọ̀ tó kù ni pé ọ̀pọ̀ aláṣọ kì í já Ankara. Ọ̀pá 6 ni wọn yóò gbé lé yín lọ́wọ́, ẹ ó sì wá ọmọ tí ẹ ó fi ọ̀pá 2½ tó kù rán nǹkan fún.

Ẹ má ṣe ka ìbú tí wọ́n kọ sí etí aṣọ kí ẹ sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti etí kan dé èkejì, kí ẹ sì yọ ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí, tí àwòrán kò dé, kúrò nínú rẹ̀. Ankara tí wọ́n pè ní 46 lè má ní ju 44 tí ẹ lè lò lọ.

Nínà ló tẹ̀ lé e, òun náà ló sì ń da ìṣirò ìbú rú fún ẹni tí kò bá kíyè sí i. Ẹ ṣẹ́ kíréèpù náà po, ẹ di ìnṣì 4 mú níbùú, ẹ fà á lórí téèpù títí yóò fi kọ̀. Tí ó bá dé ìnṣì 5, ó fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún nà nìyẹn, èyí sì tó fún gáùn tí a kò ní fi ìnṣì kankan kún ìdí rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Tí ó bá padà sí 4 gẹ́lẹ́, ó dára. Tí ó bá dúró sí 4¼, ẹ dá a padà fún aláṣọ, nítorí pé lẹ́yìn wákàtí méjì tí oníbàárà bá ti jókòó níbi ìnáwó, ìdí gáùn náà yóò ti yọ àpò sẹ́yìn bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín.

Ọ̀pọ̀ kíréèpù irú èyí níbùú nìkan ló ń nà. Níbẹ̀ ni ọ̀fìn wà: nígbà tí aránṣọ bá rí ìnṣì 60 tó fẹ̀ dáadáa, ó lè fẹ́ dá ègé dùbúlẹ̀ kó lè ṣẹ́ ìdajì ọ̀pá kù. Tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, nínà yóò lọ sókè-sódò dípò kó yí ara ká, ìdí yóò fún obìnrin náà, gáùn yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́ tó bá wà lórí hángà. Ó sàn kí ẹ ra ìdajì ọ̀pá yẹn. Ní ti Ankara, kò sí nínà tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé níbùú tàbí lóròó. Ìgbà tí a bá gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀ nìkan ló máa ń gbà díẹ̀, ìyẹn sì ń jẹ aṣọ. Nítorí náà, dáàtì àti sípù ló ń jẹ́ kí Ankara mọ́ ara, kì í ṣe aṣọ náà fúnra rẹ̀.

Ìwọ̀n kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ gé ègé tó jẹ́ sẹ̀ntímítà 10 sí 10, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn tó ń ta wúrà ń lò, kí ẹ sì fi 100 ṣe ìlọ́po rẹ̀. Ankara tèmi jẹ́ gíráàmù 1.3, kíréèpù 2.4. Gáùn wa yìí yóò gba bí gíráàmù 490 tí ó bá jẹ́ Ankara, yóò sì gba bí 830 tí ó bá jẹ́ kíréèpù. Èyí tó fúyẹ́ dúró gbọn-in, ó dára fún apá tó wú àti ìsàlẹ̀ tó tú; èyí tó wúwo ń ṣàn wálẹ̀, ó sì ń bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ mọ òwú yàtọ̀ sí pòlísítà kí ẹ tó ronú kan omi tàbí áyọ́ọ̀nù, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní Ankara ló jẹ́ òwú. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú ń jó bíi bébà, eérú rẹ̀ sì ń fọ́ lẹ́búlẹ́bú. Pòlísítà ń yọ́, ó sì ń di kókó dúdú líle. Òwú lè sún kì. Ẹ fi bírò sàmì sí ìnṣì 10 lórí ègé kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ sá a, kí ẹ tún un wọ̀n. Tí ó bá di 9¾, gáùn ìnṣì 58 yóò pàdánù bí ìnṣì kan ààbọ̀, nítorí náà ẹ rẹ gbogbo aṣọ náà kí ẹ tó gé e. Kíréèpù kì í sábà sún kì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù gbígbóná kan péré lè fi àmì dídán sí i tí kò ní lọ mọ́. Ẹ lọ̀ ọ́ láti inú, kí ẹ tẹ́ aṣọ funfun lé e.

Ohun tó kù ni iye ọ̀pá tó ṣẹ́ kù lára róòlù, èyí tó ti bà mí nínú jẹ́ rí. Aláṣọ kan fi róòlù kíréèpù hàn mí, ó ní ọ̀pá 14 ló kù, mo sì gbà láti fi rán aṣọ ẹbí fún obìnrin márùn-ún. Nígbà tí mo tú u ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pá 7 ni. Aláṣọ náà kò parọ́. Ó ka ìpele aṣọ láti ẹ̀gbẹ́ róòlù, ó sì ka 48. Ohun tí kò kíyè sí ni pé wọ́n ti ṣẹ́ aṣọ náà po sí méjì kí wọ́n tó ká a, ẹ̀gbẹ́ tó sì ń wò ni ibi tí etí aṣọ méjèèjì wà, tí ìyípo kan ń hàn bí ìpele méjì. Ká ní ó wo ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ìṣẹ́po wà, 24 ni ì bá kà.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Mo fi téèpù yí ìta róòlù ká, ó jẹ́ ìnṣì 15. Mo yí páálí àárín rẹ̀ ká, ó jẹ́ 6. Àárín méjèèjì jẹ́ 10½. Mo ka ìyípo láti ẹ̀gbẹ́ ìṣẹ́po, ó jẹ́ 24. Ìlọ́po 24 àti 10½ jẹ́ ìnṣì 252, mo fi 36 pín in, ó di ọ̀pá 7. Tí òṣùwọ̀n bá wà nítòsí, mo tún máa ń gbé e lé e: ọ̀pá kan kíréèpù yìí wọn bí gíráàmù 334, nítorí náà ọ̀pá 7 yóò wọn bíi kílò 2.3 lẹ́yìn tí a bá yọ páálí. Tí ìṣirò méjèèjì kò bá bára mu, a jẹ́ pé ohun kan wà tí kò tọ́ nínú ìkà náà tàbí nínú róòlù náà. Nígbà náà, ẹ ní kí wọ́n tú u títí dé páálí níṣojú yín kí ẹ tó yọ owó.