Ìgò kékeré ni kí ẹni tí kò ra lọ́fínńdà rí kọ́kọ́ rà

Bí ojú bá ń dà yín rú níwájú káńtà lọ́fínńdà, tí olùtajà ń fín òmíràn fún yín kí ti àkọ́kọ́ tó gbẹ, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń fín in sínú ìgò kékeré tà. Ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Tákíẹ́ níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ra tèmi. Láti inú ìgò gidi ni ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ti ń fín in sínú ìgò mílílítà 2, 5 tàbí 10. Ìṣòwò yìí wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ju káńtà ńlá èyíkéyìí lọ, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Lọ́fínńdà kì í rùn bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọtí inú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fò lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́, tí wọ́n fúyẹ́, tí wọn kì í sábà pẹ́ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Òórùn òdòdó á wá jáde, lẹ́yìn náà igi olóòórùn, fànílà àti mọ́sìkì, àwọn ló máa bá yín délé. Ẹ wá wò ó: ohun tó ń mú èèyàn sanwó ní káńtà ni apá tí kò ní pẹ́ lọ. Imú pàápàá, bó bá ti gbóòórùn mẹ́ta mẹ́rin léra, kò ní lè dá wọn mọ̀ dáadáa mọ́. Àwọn kan á gbé èso kọfí fún yín pé kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ìta tó bẹ́ẹ̀.

Méjì péré ni mo mú, mílílítà 2 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ mú àwọn tó jìnnà síra wọn. Ọ̀kan ni CK One, tí iléeṣẹ́ Calvin Klein gbé jáde ní 1994 fún ọkùnrin àti obìnrin. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ àti ewé tíì ló wà nínú rẹ̀, eau de toilette, tí wọ́n ń gé kúrú sí EDT, ló sì jẹ́. Ìkejì ni Yara ti iléeṣẹ́ Lattafa ní Dubai, tó kún fún fànílà, eau de parfum, ìyẹn EDP, sì ni. Òróró olóòórùn inú EDP sábà máa ń pọ̀ ju ti EDT lọ.

Ìtẹ̀ kan tó nǹkan bí ìdámẹ́wàá mílílítà, nítorí náà mílílítà 2 á fún yín ní nǹkan bí ìtẹ̀ ogún. Bí ẹ bá ń fín ìtẹ̀ méjì lóòjọ́, ó tó ọjọ́ mẹ́wàá, èyí tó tó láti mọ̀ ọ́n nínú òòrùn, nínú òjò àti nígbà tí ara ń làágùn. Ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fi wọ́n dán wò, kí òórùn wọn má baà dàpọ̀. Gbogbo oníbàárà ni ọmọbìnrin náà ń kìlọ̀ fún pé, "Àǹtí, ẹ má fọwọ́ ra á o, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ gbẹ." Òótọ́ ló sọ, ìgbóná ọwọ́ tí ẹ bá fi ń ra á máa ń tètè lé òórùn àkọ́kọ́ lọ.

CK One tù mí lára láàárọ̀, ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sán, àfi kí n gbé ọrùn ọwọ́ sún mọ́ imú kí n tó gbọ́ ọ. Yara ṣì wà lára aṣọ mi lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ nínú takisí tó kún lọ́sàn-án gangan, adùn rẹ̀ ki jù, ẹni tó jókòó tì mí sì yí gíláàsì sílẹ̀. Bí mo ṣe pín wọn nìyẹn: mo padà lọ ra CK One mílílítà 10 fún ibi iṣẹ́, mo ń tún un fín lọ́sàn-án. Yara wà fún ìrọ̀lẹ́ àti òde, ìtẹ̀ kan lábẹ́ aṣọ. Lásìkò ọyẹ́, tí ara bá gbẹ, méjèèjì kì í pẹ́, àfi bí mo bá kọ́kọ́ fi fasilíìnì tí kò lóòórùn pa ibi tí mo fẹ́ fín in sí.

Tí ẹ bá pín owó ìgò kékeré sí mílílítà, ó wọ́n ju ìgò ńlá lọ, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, torí ìgò ńlá tí ẹ kò fẹ́ràn kò ṣeé dá padà. Ìdérí ìgò kékeré náà kò le, ó jò sínú báàgì mi. Ẹ máa gbé e dúró.

Ìṣojú yín ni kí wọ́n ti fín in sínú ìgò kékeré. Bí wọ́n bá gbé èyí tí wọ́n ti fín sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún yín, ẹ ní kí wọ́n gbé ìgò ńlá wá, kí ẹ fín méjèèjì sórí ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì dúró fún wákàtí kan. Èyí tí wọ́n ti bu nǹkan là lè jọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ á ti rọ̀ jù nígbà tí èyí tó jẹ́ ojúlówó ṣì ń ta sánsán. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, torí èrò pọ̀ níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọmọbìnrin náà kò sì ní ráyè dúró tì yín.