Lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mẹ́ta fún géèmù Wíńdóòsì lórí Línúùsì: èwo ni ojú rẹ̀ kò ní ṣókùnkùn?

Ẹni tó bá fẹ́ ra lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Kàbà tàbí ní Ìsánlú, kó lè máa fi Línúùsì ta géèmù tí wọ́n ṣe fún Wíńdóòsì, sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè iye ráàmù àti iye owó. Èmi á ní kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí gíráfíìsì ẹ̀rọ náà gbà Vulkan dé, ìyẹn ọ̀nà tí géèmù ń gbà pàṣẹ àwòrán fún gíráfíìsì, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà kí géèmù ṣí, kí ohùn máa dún, kí ojú kọ̀ǹpútà sì ṣókùnkùn birimù, ti sábà ń wá.

Proton ni irinṣẹ́ tó ń mú kí géèmù Wíńdóòsì ṣiṣẹ́ lórí Línúùsì. Inú Steam, ilé ìtajà géèmù Valve, ló wà, ọdún 2018 ni ilé-iṣẹ́ Valve sì gbé e jáde. Apá tó ń bá a yàwòrán ni DXVK, èyí tó ń gba àṣẹ Direct3D, ìyẹn àṣẹ àwòrán ti Wíńdóòsì, lọ́wọ́ géèmù, tó sì ń yí i padà sí Vulkan. Láti ìgbà tí DXVK 2.0 ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Vulkan 1.3 ló ń béèrè, irú DXVK yìí ló sì wà nínú Proton láti 8.0 lọ sókè. Ẹ̀rọ tí Vulkan rẹ̀ parí sí 1.2 kò lè fi DXVK inú Proton tuntun yàwòrán, ì báà ní ráàmù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ni ti Intel ìran kẹrin, irú èyí tó ní i5-4300U àti HD Graphics 4400. Òun ni owó rẹ̀ máa ń kéré jù. Vulkan rẹ̀ kò pé, dráífà rẹ̀ lórí Línúùsì fúnra rẹ̀ sì máa ń kìlọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì jẹ́ ìran kẹrin kan náà, ṣùgbọ́n sítíkà Nvidia wà lára rẹ̀, pẹ̀lú GeForce GT 740M. Òun ni mo máa ń kìlọ̀ lé lórí jù, torí pé sítíkà yẹn ń mú kí wọ́n bù owó lé e. Dráífà 470 ni ó kẹ́yìn tó gbà á, Vulkan 1.2 ni ó sì dé. Nvidia ti dẹ́kun àtúnṣe dráífà náà, nítorí náà, bí ẹ bá gbé kánẹ́ẹ̀lì Línúùsì tuntun sí i, ó lè kọ̀ láti bá a ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni Intel ìran kẹjọ, bíi i5-8250U tó ní UHD Graphics 620. Kò ní káàdì kejì, kò sì ní sítíkà tó ń dán, síbẹ̀ ó gbà Vulkan 1.3, Proton tuntun sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìsí pé ẹ yí ohunkóhun padà. Agbára rẹ̀ kò pọ̀: ẹ lè ní láti dín àwòrán kù sí 1280x720, géèmù ńlá òde òní á sì máa fà.

Ẹ lè dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ẹ fi fláàṣì tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ tan ẹ̀rọ náà láìfi Ubuntu sí inú rẹ̀, ẹ so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù yín, kí ẹ sì tẹ èyí:

```
sudo add-apt-repository -y universe
sudo apt update
sudo apt install vulkan-tools
vulkaninfo --summary
```

Ẹ wo `apiVersion` tó wà pẹ̀lú `deviceName` Intel. Ẹ má ṣe ka ti `llvmpipe`, nítorí ojúlówó gíráfíìsì kọ́ nìyẹn. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló ń fi agídí yàwòrán, ó sì lè kọ 1.3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tan yín jẹ. Ní ti Nvidia, dráífà tó wà lórí fláàṣì kì í ṣe 470, nítorí náà orúkọ káàdì ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹni tó bá ń tà, tí kò gbà kí ẹ ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ńkọ́? Ká ní géèmù tó ń lo Direct3D 11 ṣókùnkùn lórí rẹ̀. Ẹ ṣí Properties géèmù náà nínú Steam, kí ẹ kọ èyí sí Launch Options:

```
PROTON_LOG=1 %command%
```

Fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `steam-` á jáde nínú fódà ilé yín. Bí ẹ bá rí `DXVK: No adapters found` nínú rẹ̀, Vulkan ni ọ̀ràn náà. Ẹ lọ sí Compatibility, kí ẹ yan Proton 7.0, tí DXVK inú rẹ̀ kò tíì béèrè 1.3. Bí òkùnkùn náà kò bá lọ, ẹ fi èyí rọ́pò ti ìṣáájú:

```
PROTON_USE_WINED3D=1 %command%
```

Èyí ń fi OpenGL yàwòrán dípò Vulkan. Ó ń falẹ̀, kò sì wúlò rárá fún géèmù Direct3D 12, ṣùgbọ́n ó máa ń gba géèmù àtijọ́ là. Lórí ẹ̀rọ kejì, Proton 7.0 máa ń tó, bí dráífà 470 bá ti wọlé, tí ẹ sì darí géèmù sí Nvidia dípò Intel:

```
__NV_PRIME_RENDER_OFFLOAD=1 %command%
```

Òkùnkùn kan ṣì kù tó lè dé bá ẹ̀rọ kẹta pàápàá: géèmù ń lọ dáadáa, fídíò inú rẹ̀ nìkan ni kò hàn. Kì í ṣe ẹjọ́ Vulkan nìyẹn, bí kò ṣe ti kódẹ́ẹ̀kì fídíò tí kò sí nínú Proton ti Valve. Ẹ gba GE-Proton, irú Proton tí kì í ṣe Valve ló ṣe é, ẹ tú u sínú fódà `compatibilitytools.d` ti Steam, ẹ pa Steam kí ẹ tún un ṣí, kí ẹ sì yàn án fún géèmù yẹn nìkan.