Ogun Òṣogbo nínú kíláàsì: ìbéèrè wàràwàrà àbí ìbéèrè onísùúrù?

Ogun Òṣogbo, nǹkan bí ọdún 1840, ni Ìbàdàn ti lé ọmọ ogun Ìlọrin padà. Ní kíláàsì kan nílùú Òṣogbo, tíṣà lè béèrè pé, "Ta ló ṣẹ́gun?" Àwọn ọmọ á pariwo "Ìbàdàn!", ó parí. Ìyẹn dára fún àtúnyẹ̀wò, kò sì sí ohun tí kí tíṣà dúró kó tó gba ìdáhùn máa fi kún un: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo èkejì: "Ìlọrin ní ẹlẹ́ṣin púpọ̀. Kí ló dé tí wọn ò fi borí?" Kí tíṣà má tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí àwọn yòókù má baà sinmi. Kó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 3 ó kéré tán. Mary Budd Rowe tó ṣèwádìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ. Nígbà tí wọ́n dúró tó 3, ìdáhùn gùn sí i. (Tíṣà gan-an ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń ni lára jù.)

Bí ọmọ kan bá ní "Igbó ni, sà," kí tíṣà tún dákẹ́ díẹ̀, kó má tíì sọ pé "O káre." Lẹ́yìn náà: "Báwo ni igbó ṣe ń dí ẹṣin lọ́wọ́?" "Ṣé igbó nìkan tó láti ṣẹ́gun?" Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti lè mú ọgbọ́n ogun Ìbàdàn wọlé.

Èmi á fi irú ìbéèrè àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, màá wá fi àkókò tó kù ṣe irú èkejì. Bí ẹ bá dúró tí gbogbo ojú ṣì ń wolẹ̀, àwọn ọmọ ò ní ohun tí wọ́n máa fi ronú nìyẹn. Ẹ gbé máàpù síwájú wọn kẹ́ ẹ tó tún un béèrè.