Iná ọgbà fóólìtì 12 tí mo rà: kí ló ń ṣe àwọn tó wà nídìí géètì?

Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń lo iná ọgbà yìí. Inú páálí kan ni gbogbo rẹ̀ wà: gílóòbù 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wọ́ọ̀tì 5, tiransifọ́mà wọ́ọ̀tì 60, àti wáyà mílí 1 tó gùn ní mítà 30. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó ti géètì wọ ilé wa n'Íbàdàn ni mo tò ó sí. Èmi fúnra mi ni mo fi ọkọ́ lanlẹ̀, tí mo tẹ́ wáyà síbẹ̀.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, àwọn tó wà lẹ́bàá ilé mọ́lẹ̀ yòò, àmọ́ àwọn ti ìdí géètì ń ràn bàìbàì bí àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán. Mo ti fẹ́ máa pè é ní ayédèrú. Mo yọ gílóòbù ìkẹyìn, mo gbé e wá sẹ́bàá ilé, ló bá mọ́lẹ̀ bíi tàwọn yòókù.

Mo yá tẹ́sítà lọ́wọ́ ọmọ oníná àdúgbò wa. Mo tú gbogbo gílóòbù kí n tó wọn wáyà, 12 ni mo rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tan gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n." Bí gílóòbù kankan ò bá fa iná, wáyà ò ní jẹ nǹkan kan nínú rẹ̀. Nígbà tí mo tàn án, ìdí tiransifọ́mà jẹ́ 12.1, ìdí géètì jẹ́ 9.8.

Wáyà ló jẹ ìyókù. Iná á lọ, á sì bọ̀, nítorí náà mítà 30 di mítà 60 bàbà, bíi óòmù 1 nìyẹn. Wọ́ọ̀tì 50 lórí fóólìtì 12 ń fa áńpíà 4 ó lé díẹ̀. Ká ní ìdí géètì ni gbogbo gílóòbù wà, fóólìtì tó lé ní 4 ni ìbá sọnù. Torí pé wọ́n tò lójú ọ̀nà, ohun tó sọnù lé díẹ̀ ní ìdajì rẹ̀.

Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ra wáyà mílí 2.5. Kò parọ́, ohun tó máa sọnù ò ní tó fóólìtì 1, àmọ́ owó ẹ̀ ń kọ́? Mo gbé tiransifọ́mà lọ sára ògiri bọ́ìsì-kótà, tó bọ́ sí àárín ọ̀nà gan-an, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì sì wà níbẹ̀. Wáyà kan náà wá pín sí apá méjì, mítà 15 àti gílóòbù 5 lápá kọ̀ọ̀kan. Gígùn dín sí ìdajì, áńpíà dín sí ìdajì, àdánù wá ku bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Tẹ́sítà ka 11.4 ní ìpẹ̀kun méjèèjì.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún un. Ìwé inú páálí ò sọ ọ̀rọ̀ àárín yìí rárá, ó kàn ní "mítà 30" gàdàgbà. Tiransifọ́mà onírin náà ò sì lè gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ Nẹ́pà: bí wọ́n bá mú 180 wá dípò 230, á tú bíi 9.4 jáde. Ìyẹn ò kan wáyà o, torí gbogbo gílóòbù ló máa ń ṣe bàìbàì pọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, títí kan èyí tó wà nídìí tiransifọ́mà.