Oṣù mẹ́ta pẹ̀lú mitokọ́ńdíríà oníke tí mo rà fún lẹ́sìnnì

₦18,000 ni mo ra mitokọ́ńdíríà oníke yìí lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ohun èlò ilé-ìwé. Àwọn ọmọ SS2 tí mò ń kọ́ nírọ̀lẹ́ mọ̀ pé inú mitokọ́ńdíríà, ẹ̀yà kékeré inú sẹ́ẹ̀lì, ni ATP, èròjà tó ń gbé agbára fún sẹ́ẹ̀lì, ti ń wá, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tó jẹ́ gan-an. Ó tóbi tó búrẹ́dì alábọ́dé, ó sì ṣeé là sí méjì.

Awọ inú rẹ̀ ló wù mí jù. Awọ méjì ni mitokọ́ńdíríà ní: ti òde tẹ́jú, ti inú ṣẹ́po léraléra. Rọ́bà ni wọ́n fi ṣe ti inú, ó ṣeé fà jáde. Mo ní kí ọmọ kan fà á. Nígbà tó tẹ́ ẹ tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo tábìlì. Ọmọ náà ní, "Tíṣà, ibi iṣẹ́ ló pọ̀ tó báyìí?" Bẹ́ẹ̀ ni, ibi iṣẹ́ ni.

Ohun tó bí mi nínú ni bébà "34 ATP" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín, nínú omi tí ìyípo Krebs, iṣẹ́ tó ń tú kábọ́nì oúnjẹ palẹ̀, ti ń ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fi glúkóòsì ẹyọ kan ṣírò rẹ̀. Lóde mitokọ́ńdíríà, nínú omi sẹ́ẹ̀lì, ó pín sí pairúféètì méjì. ATP 4 jáde, ṣùgbọ́n a ti ná 2 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, 2 ló kù. Pairúféètì méjèèjì wọlé, kábọ́nì wọn ń bá CO2 jáde díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tán. Ní gbogbo ìyẹn, ATP 2 péré ni ìyípo Krebs fúnra rẹ̀ mú wá.

Ẹrù tó kù wà lọ́wọ́ àwọn èròjà tó ń ru ẹlẹkitírọ́ọ̀nù, NADH 10 àti FADH2 2. Wọ́n gbé ẹlẹkitírọ́ọ̀nù lọ sára awọ inú, ibẹ̀ sì ń gbà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Agbára rẹ̀ ni wọ́n fi ń ti H+ sí àlàfo àárín awọ méjèèjì. H+ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ó wá gba ẹnu ọ̀nà ATP synthase padà, èyí tó ń yí bí ọlọ. Yíyí yẹn ló ń ṣe ATP. NADH kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi 2.5, FADH2 tó 1.5: 25 àti 3, 28 nìyẹn. Ìwé àtijọ́ ka 3 àti 2, ni wọ́n ṣe rí 34. Iye yẹn ò dùn mí. Ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí ló dùn mí.

Wọn ò tún fi ọ́síjìn hàn rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gba ẹlẹkitírọ́ọ̀nù níkẹyìn, tó sì di omi. Sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí a ò ṣe dáadáa máa ń dí ibi ìkẹyìn yẹn gan-an. Ọ́síjìn á wà nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ò ní lè lò ó.

Mo ya bébà náà kúrò, mo kọ 28 sórí téèpù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ rọ́bà. Ó ń já tí wọ́n bá fà á. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún.