Fóònù mi lọ, pásíkíì mi kò lọ: àgbéyẹ̀wò Google Password Manager lẹ́yìn tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ mi

Láti ọdún 2023 tí Google ti gbé pásíkíì, ìyẹn ọ̀nà láti fi fóònù wọ àkáǹtì láìtẹ páásíwọ̀ọ̀dù, dé orí àkáǹtì gbogbo ènìyàn ni mo ti ń lò ó. Iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù ni mo ń ṣe, nítorí náà ojoojúmọ́ ni mò ń wọ ímeèlì, GitHub àti àkáǹtì àwọn oníbàárà mi. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ pásíkíì fún ni ó máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Tí fóònù yẹn bá wá sọnù ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Wọ́n ti já fóònù gbà lọ́wọ́ mi báyìí, láti ojú fèrèsé dáńfó ní Bẹ́gà, mo sì ti gba gbogbo àkáǹtì mi padà. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. Áńdíróìdì àti Google Password Manager, níbi tí Google ń tọ́jú páásíwọ̀ọ̀dù àti pásíkíì ẹni sí, ni mo lò, òun ni ọ̀rọ̀ mi sì dá lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú fóònù yẹn ná. Tó bá jẹ́ páásíwọ̀ọ̀dù, ohun kan náà ni ẹ̀yin àti wẹ́ẹ̀bùsáìtì jọ mọ̀. Ẹni tó bá jí i lọ́dọ̀ yín, tó jí i lọ́dọ̀ wọn, tàbí tó tàn yín títí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé ayédèrú, ó ti wọlé nìyẹn. Pásíkíì kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá a sílẹ̀, fóònù yín á ṣe kọ́kọ́rọ́ méjì tó bára wọn mu. Ó máa fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Ìyẹn kì í ṣe àṣírí, ẹni tó bá jí i kò lè fi wọ ibì kankan. Èkejì ni àṣírí, kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wẹ́ẹ̀bùsáìtì rárá. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọlé, wẹ́ẹ̀bùsáìtì á fi nọ́ńbà gígùn kan tí kò lò rí ránṣẹ́. Fóònù á ní kí ẹ tẹ ìka tàbí kí ẹ tẹ píìnì, á fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí buwọ́ lu nọ́ńbà náà, á sì dá a padà. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì á fi kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́dọ̀ tirẹ̀ yẹ ìbuwọ́lù náà wò. Àwòrán ìka yín kò kúrò nínú fóònù.

Orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì wà lára pásíkíì fúnra rẹ̀. Oníbàárà mi kan gba ímeèlì tó ní kí ó wá tún àkáǹtì rẹ̀ ṣe. Lẹ́tà kan péré ni wọ́n yí nínú orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà, ojú ewé rẹ̀ sì jọ ti gidi bí ìbejì. Fóònù rẹ̀ kò mú pásíkíì kankan jáde níbẹ̀, torí orúkọ yẹn kì í ṣe èyí tó mọ̀. Ó pè mí pé pásíkíì ti bàjẹ́. Mo ní kò bàjẹ́ o, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Tìtorí èyí nìkan, mi ò lè padà sí páásíwọ̀ọ̀dù mọ́.

Ọ̀rọ̀ fóònù tó sọnù wá kù. Google kì í fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí sínú fóònù kan ṣoṣo. Ó ń fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí àkáǹtì yín, ṣùgbọ́n ó ti tì í pa kí ó tó kúrò nínú fóònù, débi pé Google fúnra wọn kò lè kà á. Ohun tó ń ṣí i ni píìnì, páásíwọ̀ọ̀dù tàbí pátánì tí ẹ fi ń ṣí ojú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín nígbà náà, àfi tí ẹ bá ti yan píìnì ọ̀tọ̀ fún Google Password Manager. Nítorí náà, ohun méjì ni ẹni tí fóònù rẹ̀ sọnù nílò: kó lè wọ àkáǹtì Google rẹ̀ láìsí fóònù náà, kó sì rántí píìnì fóònù tó lọ. Ẹni tó ní méjèèjì kò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tó ní ẹyọ kan, iṣẹ́ wà fún un.

Bí tèmi ṣe lọ nìyí. Ọwọ́ àbúrò mi ni mo ti yá fóònù. Mo kọ́kọ́ lọ sí `android.com/lock`, mo tẹ nọ́ńbà fóònù mi, mo dáhùn ìbéèrè kékeré tó fi ń mọ̀ pé ènìyàn ni mí, ó sì ti ojú fóònù náà pa. Kò béèrè pé kí n wọ àkáǹtì kankan, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti tan Remote Lock sílẹ̀ kí fóònù tó lọ, fóònù náà sì gbọ́dọ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Olè máa ń yọ síìmù kíákíá, nítorí náà ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì.

Ọjọ́ kejì, mo ra fóònù tuntun ní Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà. Mo tẹ ímeèlì àti páásíwọ̀ọ̀dù Google mi sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, páásíwọ̀ọ̀dù ṣì wà níbẹ̀. Pásíkíì kò pa páásíwọ̀ọ̀dù Google rẹ́, ó kàn ń jẹ́ kí ẹ fò ó lójoojúmọ́ ni. Ẹni tí kò tẹ̀ ẹ́ mọ́ láti ọdún méjì lè ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá, irú ọjọ́ yìí ni yóò sì mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ síbi tó láàbò.

Lẹ́yìn náà ni Google sọ pé òun ti fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí fóònù mi, kí n lọ tẹ Yes níbẹ̀. Fóònù wo? Èyí tó wà lọ́wọ́ olè. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń rò pé ó ti tán. Kò tán. Ẹ tẹ Try another way, ẹ ó rí ọ̀nà míì. Kóòdù SMS kò lè dé ọ̀dọ̀ mi torí síìmù náà ti lọ, ṣùgbọ́n mo ní backup codes. Mẹ́wàá ni Google máa ń fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà mẹ́jọ mẹ́jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sì lè lo kóòdù kan. Mo ti tẹ̀ wọ́n jáde sórí bébà, wọ́n wà nínú fáìlì ìwé ilé lọ́dọ̀ ìyá mi. Mo pè wọ́n, wọ́n ka ọ̀kan fún mi, mo wọlé.

Bí mo ṣe wọlé, fóònù tuntun béèrè píìnì fóònù àtijọ́, ó sì dárúkọ irú fóònù náà gan-an. Ìka mi kò wúlò níbí, torí fóònù tuntun kò mọ ìka mi rí. Ẹ má gbà pé ìtẹ̀ka ni kọ́kọ́rọ́ yín, píìnì ni. Mo tẹ̀ ẹ́, ó gbà á. Mo ṣí GitHub, mo tẹ Sign in with a passkey, mo tẹ ìka tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, mo wọlé bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. WhatsApp náà ní pásíkíì tèmi, òun ló sì fi jẹ́rìí nọ́ńbà mi dípò kóòdù SMS. Mo ti ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ kí n tó dé ọ́fíìsì àwọn onísíìmù rárá. Ọ̀dọ̀ tiwọn ló pẹ́ jù: ìlà gígùn, NIN, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lọ tó ń bọ̀.

Tí ènìyàn bá ṣi píìnì yẹn tẹ̀, ìgbìyànjú rẹ̀ ní iye, kò sì ju mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀dà náà kò ní ṣí mọ́. Kò sí òṣìṣẹ́ Google tí ẹ lè bẹ̀, torí àwọn náà kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé àkáǹtì GitHub tàbí WhatsApp yín ti kú o. Pásíkíì ló lọ. Ẹ ó máa lọ sí ọ̀dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó gba ọ̀nà míì tí wọ́n fi sílẹ̀ wọlé, bíi ímeèlì tàbí recovery codes, ẹ ó sì dá pásíkíì tuntun sílẹ̀.

Ti olè náà ńkọ́? Fóònù tí ojú rẹ̀ tì kò lè lo pásíkíì kankan. Ẹni tó bá ti yọjú wo píìnì yín nínú ọkọ̀ kó tó já fóònù gbà ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù, torí píìnì yẹn nìkan ti tó fún un. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tún lọ sí `android.com/find` láti pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, mo sì yọ fóònù náà kúrò nínú àwọn ohun èlò tó wà lórí àkáǹtì Google mi. Fún àwọn àkáǹtì tó ní owó nínú, mo tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: mo wọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn, mo pa pásíkíì àtijọ́ rẹ́ lọ́dọ̀ wọn, mo dá tuntun. Tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì bá ti ju kọ́kọ́rọ́ ọ̀dọ̀ tirẹ̀ nù, èyí tó wà lọ́wọ́ olè ti di irin lásán. Ẹ rántí pé kọ́kọ́rọ́ kan náà ló wà nínú fóònù àtijọ́ àti tuntun, nítorí náà ẹ má pa á rẹ́ láìjẹ́ pé ẹ ti ní ọ̀nà míì láti wọlé.

Àwọn tó ń lo kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, irú YubiKey, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Kò sí ẹ̀dà níbì kankan. Tó bá sọnù, ohun inú rẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ra méjì tí wọ́n á sì forúkọ méjèèjì sílẹ̀. Fún èmi, ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ Google tó mi.

Ohun kan ṣì ń dùn mí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi pásíkíì. Ọ̀pọ̀ wẹ́ẹ̀bùsáìtì gba pásíkíì, síbẹ̀ tí ẹ bá tẹ "mo ti gbàgbé", wọ́n á fi kóòdù SMS ránṣẹ́, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹni tó ní kóòdù náà wọlé. Ẹni tó bá gba síìmù yín ní orúkọ yín á gba ibẹ̀ kọjá láìfọwọ́ kan pásíkíì. Mo ti ń yẹ àkáǹtì mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti rí èyí tó jẹ́ kí n yọ nọ́ńbà fóònù kúrò nínú ọ̀nà ìgbàpadà. Google gbà fún mi. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì ìtajà kan tí mò ń lò kò gbà, nítorí náà mo ti yọ káàdì báńkì mi kúrò lọ́dọ̀ wọn.